Bí A Ṣe Ń Ṣàtúnṣe Ínfọ́ìsì Tí Owó Rẹ̀ Lé, àti Bí A Ṣe Ń Kọ Kírẹ́díìtì Nóòtì fún Oníbàárà

Ìbéèrè kan náà ni àwọn oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ mi máa ń bi mí lemọ́lemọ́: "Mo ti fi ínfọ́ìsì ránṣẹ́ sí oníbàárà, owó tí mo kọ síbẹ̀ sì ju àdéhùn wa lọ. Ṣé kí n tún un tẹ̀ kí n fi rọ́pò ti àkọ́kọ́ ni, àbí kí n kọ kírẹ́díìtì nóòtì?" Ìdáhùn mi ni pé ínfọ́ìsì tó ti dé ọwọ́ oníbàárà kò ṣe é parẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe é tún kọ lórí nọ́ńbà kan náà. Ìwé mìíràn ló gbọ́dọ̀ tún un ṣe, ìyẹn kírẹ́díìtì nóòtì, ìwé tí a fi ń yọ owó kúrò lórí ínfọ́ìsì tó ti jáde, ọ̀nà méjì sì ni a lè gbé e gbà. Ọ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ mú nínú méjèèjì, nítorí ẹni tó bá pa wọ́n pọ̀ yóò da ìwé ara rẹ̀ àti ti oníbàárà rú.

## Àpẹẹrẹ tí a ó máa tọ̀

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ ń ta ọ̀dà ilé ní Ìbàdàn, ilé ìtura kan ní Bódìjà sì ra rọ́bà ọ̀dà oní-lítà 20, ọgọ́ta rọ́bà. Iye tí ẹ jọ fẹnu kò sí, tó sì wà nínú ìwé tí wọ́n fi pàṣẹ ọjà, ni ₦24,500 fún rọ́bà kan. Kí ẹ tó kọ ínfọ́ìsì, iye owó ọ̀dà ti gòkè ní ṣọ́ọ̀bù yín, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sì lo iye tuntun, ₦26,500. Ohun tó wà lórí ínfọ́ìsì INV-0147 ti ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án, 2025, nìyí:

| | Ohun tí a kọ | Ohun tó yẹ kí a kọ | Owó tó lé |
|---|---|---|---|
| Rọ́bà ọ̀dà 60 | ₦1,590,000 | ₦1,470,000 | ₦120,000 |
| Fáàtì, 7.5% | ₦119,250 | ₦110,250 | ₦9,000 |
| Àpapọ̀ | ₦1,709,250 | ₦1,580,250 | ₦129,000 |

Oníbàárà yìí ti san ₦1,000,000 kí ẹnikẹ́ni tó rí àṣìṣe náà. Nítorí náà, lórí ìwé, wọ́n ṣì jẹ yín ní ₦709,250, bẹ́ẹ̀ ₦580,250 ni gbèsè tòótọ́ tó wà lọ́rùn wọn.

## Kí ẹ tó kọ ohunkóhun

1. Ẹ kó ìwé mẹ́ta jọ sójú kan: ìwé tí oníbàárà fi pàṣẹ ọjà, èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń pè ní ẹl-pí-ó, tàbí kótéṣọ̀n tí wọ́n fọwọ́ sí, wébìlì tí wọ́n fọwọ́ sí nígbà tí ọjà dé, àti ínfọ́ìsì fúnra rẹ̀. Ẹl-pí-ó ni yóò sọ iye owó, wébìlì ni yóò sọ iye ọjà. Bí àdéhùn bá jẹ́ ti ẹnu nìkan, ẹ wá ọ̀rọ̀ Wáásáàpù tàbí ohunkóhun tí ẹ lè tọ́ka sí.

2. Ẹ wá ibi tí àṣìṣe náà wà gan-an. Ó lè jẹ́ iye owó ẹyọ kan, ó lè jẹ́ iye ọjà, ó lè jẹ́ ẹ̀dínwó tí ẹ ṣèlérí tí kò hàn lórí ìwé, ó sì lè jẹ́ fáàtì tí a kọ lé ọjà tí kò ní fáàtì. Nínú àpẹẹrẹ wa, iye owó ẹyọ kan ló yí padà, ohun gbogbo tó kù dára. Àyẹ̀wò yìí ṣe pàtàkì nítorí òun ni yóò pinnu ọ̀nà tí ẹ ó gbà.

3. Ẹ wo àwọn ínfọ́ìsì mìíràn tí ẹ kọ láti ọjọ́ tí iye owó ti yí padà. Bí oníbàárà yìí bá rí i pé owó tirẹ̀ lé, kò dájú pé òun nìkan ló ṣẹlẹ̀ sí. Ó sàn kí ẹ fúnra yín lọ bá àwọn tó kù ju kí wọ́n wá bá yín lọ.

4. Ẹ pe oníbàárà lórí fóònù kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìpè náà kò ní gùn. Ẹ sọ fún un pé owó tó wà lórí ínfọ́ìsì báyìí-báyìí lé, pé ìwé àtúnṣe ń bọ̀, kí wọ́n sì dá ìsanwó tó kù dúró títí yóò fi dé. Ohun tí ìpè yìí wà fún ni pé kí ẹ̀ka ìṣirò owó wọn má san ₦709,250 tán ní ọjọ́ kan náà tí ẹ ń kọ kírẹ́díìtì nóòtì lọ́wọ́, nítorí bí wọ́n bá ti san án, ọ̀rọ̀ yóò kúrò ní àyọkúrò lásán, yóò di ọ̀rọ̀ ìdápadà owó.

## Ọ̀nà méjì: ẹ mú ọ̀kan

Ọ̀nà kìíní ni kí ẹ kọ kírẹ́díìtì nóòtì fún owó tó lé nìkan. Ínfọ́ìsì INV-0147 dúró gẹ́gẹ́ bó ṣe wà. Ẹ kọ kírẹ́díìtì nóòtì CN-0009 fún ₦129,000, ẹ sì tọ́ka sí INV-0147 nínú rẹ̀. Nínú ìwé oníbàárà, ₦1,709,250 tí a yọ ₦129,000 kúrò nínú rẹ̀ yóò ku ₦1,580,250. Bí a bá tún yọ ₦1,000,000 tí wọ́n ti san, yóò ku ₦580,250. Kò sí ínfọ́ìsì tuntun nínú ọ̀nà yìí rárá.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ fi kírẹ́díìtì nóòtì pa ínfọ́ìsì àkọ́kọ́ rẹ́ pátápátá, kí ẹ sì kọ òmíràn. Kírẹ́díìtì nóòtì yóò jẹ́ ₦1,709,250, gbogbo owó orí INV-0147. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó kọ ínfọ́ìsì tuntun, INV-0152, fún ₦1,580,250. ₦1,000,000 tí wọ́n ti san yóò wá kúrò lórí INV-0147, yóò lọ sórí INV-0152. Gbèsè tó kù yóò tún jẹ́ ₦580,250.

Èrò tèmi ni pé ọ̀nà kìíní ló dára jù nígbà tí iye owó nìkan bá ṣì, pàápàá bí oníbàárà bá ti san díẹ̀, nítorí owó tí wọ́n san kò ní ṣí kúrò lórí ìwé tí wọ́n san án fún. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ lò bí orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn tàbí nọ́ńbà owó-orí wọn bá ṣì, bí àṣìṣe bá wà ní ìlà púpọ̀, tàbí bí ẹ̀ka ìṣirò owó wọn bá sọ pé àwọn kò lè sanwó àfi lórí ínfọ́ìsì tó bá ẹl-pí-ó àwọn mu kọ́bọ̀ sí kọ́bọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kan máa ń rin kinkin mọ́ èyí, nítorí náà ẹ bi wọ́n léèrè nígbà tí ẹ bá ń pè wọ́n lórí fóònù.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó pa ọ̀nà méjèèjì pọ̀. Ó kọ kírẹ́díìtì nóòtì ₦129,000, ó sì tún kọ ínfọ́ìsì tuntun fún ₦1,580,250, lérò pé òun ń ṣàlàyé dáadáa. Ìwé mẹ́ta ló wà lórí àkáùntì oníbàárà báyìí: ₦1,709,250, àyọkúrò ₦129,000, àti ₦1,580,250 mìíràn. Àpapọ̀ rẹ̀ di ₦3,160,500, bí ẹni pé wọ́n ra ọ̀dà náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó ti ya ínfọ́ìsì àkọ́kọ́ dànù, tó kọ tuntun ní iye tó tọ́, tó sì tún fi kírẹ́díìtì nóòtì ₦129,000 tẹ̀ lé e, oníbàárà yóò yọ owó yẹn kúrò nínú iye tó ti tọ́ tẹ́lẹ̀. ₦1,451,250 ni yóò kà sí gbèsè rẹ̀, oníṣòwò sì ti pàdánù ₦129,000 tí kò yẹ kó pàdánù. Bí ẹ bá rí i pé gbèsè oníbàárà kan dín ní iye kan náà tí ẹ ti tún ṣe tẹ́lẹ̀, ibí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

## Bí ẹ ṣe máa kọ kírẹ́díìtì nóòtì

1. Ẹ fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀, tó yàtọ̀ sí ti àwọn ínfọ́ìsì. Bí ínfọ́ìsì yín bá ń jẹ́ INV, kí kírẹ́díìtì nóòtì máa jẹ́ CN, kí nọ́ńbà rẹ̀ sì máa tẹ̀ lé ara wọn láìfò.
2. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́ gan-an. Ẹ má fi ọjọ́ ínfọ́ìsì àkọ́kọ́ sí i, bí ẹni pé àṣìṣe náà kò ṣẹlẹ̀ rí.
3. Ẹ tọ́ka sí nọ́ńbà àti ọjọ́ ínfọ́ìsì tí ẹ ń tún ṣe. Kírẹ́díìtì nóòtì tí kò sọ ínfọ́ìsì tó ń bá wí kò yàtọ̀ sí owó tí ẹ kàn fi ta oníbàárà lọ́rẹ.
4. Ẹ kọ ìṣirò náà síta, ẹ má kàn kọ àpapọ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa: rọ́bà 60, ₦26,500 ni a kọ, ₦24,500 ló tọ́, ₦2,000 ló lé lórí rọ́bà kọ̀ọ̀kan, ₦120,000 ni gbogbo rẹ̀.
5. Ẹ kọ fáàtì orí owó tó lé sí ìlà tirẹ̀, ₦9,000, kí ẹ tó kọ àpapọ̀ ₦129,000. Bí ẹ kò bá gba fáàtì lórí ínfọ́ìsì àkọ́kọ́, ìlà yìí kò sí níbẹ̀.
6. Ẹ kọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan: "Iye owó ẹyọ kan ju iye tó wà nínú ẹl-pí-ó lọ."
7. Ẹ sọ ohun tí ẹ ó fi owó náà ṣe: ṣé a ó yọ ọ́ kúrò nínú gbèsè tó kù, ṣé a ó dá a padà sí báǹkì, tàbí a ó fi pamọ́ de ọjà tó ń bọ̀.
8. Kí ẹni tó ni okòwò, tàbí ẹni tó fún láṣẹ, fọwọ́ sí i. Kí ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà má jẹ́ òun kan náà tí yóò máa fọwọ́ sí kírẹ́díìtì nóòtì. Ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ kan fi ń kó owó jẹ ni pé wọ́n á gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, wọ́n á fi sápò, wọ́n á wá kọ kírẹ́díìtì nóòtì kó lè dà bíi pé oníbàárà kò jẹ gbèsè mọ́.

Bí ẹ bá ń lo ètò ìṣirò owó lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí INV-0147, kí ẹ sì kọ kírẹ́díìtì nóòtì láti inú rẹ̀, kí ètò náà lè so méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́ lọ́tọ̀ yóò rí i lẹ́yìn náà pé ₦709,250 ṣì ń hàn gẹ́gẹ́ bí gbèsè níbì kan, tí ₦129,000 sì ń léfòó níbòmíràn láìsí ẹni tó gbà á.

## Lẹ́tà àlàyé tí yóò bá a lọ

Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú kan tó ń sọ ohun tí a kọ, ohun tó tọ́, owó tó lé, ìdí rẹ̀, gbèsè tó kù, àti ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe. Ẹ má di ẹ̀bi ru òṣìṣẹ́ kan tàbí kọ̀ǹpútà, nítorí ilé-iṣẹ́ yín ló fi ínfọ́ìsì náà ránṣẹ́. Àpẹẹrẹ rẹ̀ nìyí:

> Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìṣirò Owó,
>
> Ẹ kú iṣẹ́. A ń kọ̀wé sí yín nípa ínfọ́ìsì INV-0147 ti ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án, 2025, fún rọ́bà ọ̀dà 60. A kọ ₦26,500 fún rọ́bà kan, bẹ́ẹ̀ ₦24,500 ni iye tó wà nínú ẹl-pí-ó yín. Iye tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ni a fi kọ ínfọ́ìsì náà, kò sì yẹ kó kan ọjà tí ẹ ti pàṣẹ ṣáájú.
>
> Owó tó lé jẹ́ ₦129,000, fáàtì wà nínú rẹ̀. Kírẹ́díìtì nóòtì CN-0009 ti ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án, 2025, fún iye náà wà pẹ̀lú ìwé yìí. Níwọ̀n bí ẹ ti san ₦1,000,000, ohun tó kù fún yín láti san ni ₦580,250, kì í ṣe ₦709,250.
>
> Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fagi lé INV-0147. Ẹ so CN-0009 mọ́ ọn. Ẹ bá wa fèsì kí a lè mọ̀ pé ó ti tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú fún ìdíwọ́ tí èyí fà.

Gbólóhùn tó sọ pé "ẹ má fagi lé" ṣe kókó, nítorí òun ló ń sọ fún wọn pé ọ̀nà kìíní ni ẹ lò. Bó bá jẹ́ ọ̀nà kejì ni, ẹ yí i padà sí "CN-0009 ti pa INV-0147 rẹ́ pátápátá, INV-0152 nìkan ni kí ẹ máa sanwó lé." Ẹ fi gbogbo ìwé náà ránṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ní PDF, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ínfọ́ìsì tuntun láìrí ohun tó pa ti àtijọ́.

## Bí oníbàárà bá ti san gbogbo owó náà tán

Bí wọ́n bá ti san ₦1,709,250 pé, kírẹ́díìtì nóòtì yẹn náà ni ẹ ó kọ, ṣùgbọ́n ₦129,000 ti di owó wọn tó wà lọ́wọ́ yín. Àwọn ni kí ẹ bi bóyá kí ẹ dá a padà tàbí kí ẹ fi dín owó ọjà tó ń bọ̀ kù. Ẹ má pinnu fún wọn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi dín ọjà tó ń bọ̀, ẹ kọ nọ́ńbà CN-0009 sórí ínfọ́ìsì ọjọ́ náà, kí ẹ sì kọ iye tó kù nínú rẹ̀ bí kò bá tán.

Bí ẹ bá ń dá a padà, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó san owó náà ló gbọ́dọ̀ wà lórí àkáùntì tí ẹ ó fi tiransífáà ránṣẹ́ sí. Nígbà mìíràn, ẹni tó ń bá ilé-iṣẹ́ náà ra ọjà yóò ní kí ẹ fi í ránṣẹ́ sí àkáùntì ti òun, tàbí kí ẹ fún òun lówó lọ́wọ́, òun yóò fi jíṣẹ́. Ẹ fi ọ̀wọ̀ kọ̀ ọ́. Bí owó yẹn kò bá dé ilé-iṣẹ́ rẹ̀, gbèsè ṣì wà lọ́rùn yín.

Ohun kan ṣì wà tó ń da ìṣirò rú níbí. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń yọ owó-orí sílẹ̀ nínú owó yín kí wọ́n tó san án, wọ́n á sì fi í ránṣẹ́ sí ìjọba ní orúkọ yín. Bí oníbàárà yín bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, iye tó ṣì ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Kí ẹ tó dá owó padà, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti fi owó-orí náà ránṣẹ́ tàbí ó ṣì wà lọ́wọ́ wọn, nítorí iye tí ẹ ó dá padà kò ní dọ́gba nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì.

## Fáàtì

Ọjọ́ 21 oṣù tó tẹ̀ lé e ni gbèdéke fún fífi ìwé fáàtì oṣù kan sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Nínú àpẹẹrẹ wa, inú oṣù Kẹsàn-án ni ínfọ́ìsì àti kírẹ́díìtì nóòtì bọ́ sí, nítorí náà ₦119,250 tí a yọ ₦9,000 kúrò nínú rẹ̀, ìyẹn ₦110,250, ni ẹ ó kà fún ọjà yìí. Bí oṣù bá ti yí, tí ẹ sì ti san fáàtì lórí iye tó ṣì, ẹ má kàn dín iye oṣù tuntun kù fúnra yín. Ẹ gbé ínfọ́ìsì, kírẹ́díìtì nóòtì àti ẹl-pí-ó lọ fún oníṣirò owó yín, kó sọ ibi tí àtúnṣe náà yóò wọ̀. Oníbàárà náà ní láti mọ̀, nítorí bí ó bá ń ka fáàtì tó san fún yín sínú ìṣirò tirẹ̀, ₦9,000 yẹn gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀.

## Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Kí a gbàgbé fáàtì orí owó tó lé. Ẹni tó dá ₦120,000 padà ti fi ₦9,000 sílẹ̀ lórí oníbàárà. Bí iye tó kù láìyanjú bá jẹ́ 7.5% owó tí ẹ dá padà, ohun tó fà á nìyí.
- Kí a tún ínfọ́ìsì tẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà, kí a sì fi í ránṣẹ́ sórí Wáásáàpù. Ínfọ́ìsì INV-0147 méjì ti wà nígboro báyìí, iye owó wọn kò sì bára mu. Bí ayẹ̀wé-owó-wò bá dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, ìwé tó jọ ayédèrú ni yóò rí.
- Kí a lo kírẹ́díìtì nóòtì nígbà tí owó tí a kọ kéré ju àdéhùn lọ. Ti àwọn tó kọ owó tó kéré yàtọ̀: ínfọ́ìsì àfikún tàbí dẹ́bíìtì nóòtì ni wọ́n ń kọ, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bá oníbàárà sọ̀rọ̀.

## Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti parí

Ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí ẹ fi ìwé ránṣẹ́, ẹ tẹ sitétímẹ́ǹtì àkáùntì oníbàárà náà, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi tiwọn ránṣẹ́ sí yín. Ẹ wo àwọn nǹkan wọ̀nyí:

- INV-0147 wà nínú méjèèjì, ní ₦1,709,250.
- CN-0009 wà nínú méjèèjì, ní ₦129,000, ó sì wà ní ẹ̀gbẹ́ àyọkúrò.
- ₦1,000,000 tí wọ́n san wà nínú méjèèjì.
- Gbèsè tó kù jẹ́ ₦580,250 ní ọ̀dọ̀ yín àti ní ọ̀dọ̀ wọn.

Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ ₦129,000 gẹ́lẹ́, wọn kò tíì kọ kírẹ́díìtì nóòtì náà sínú ìwé wọn. Bó bá jẹ́ ₦258,000, ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kí wọ́n ti máa fi owó kún un ni wọ́n kọ ọ́ sí, wọ́n rò pé ínfọ́ìsì mìíràn ni. Ẹ pè wọ́n, ẹ sọ nọ́ńbà CN-0009 fún wọn, kí ẹ sì dúró títí wọn yóò fi fi sitétímẹ́ǹtì tuntun ránṣẹ́ kí ẹ tó béèrè ₦580,250 tó kù.